Bí a ṣe ń mọ ẹja tútù lọ́jà: ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti òórùn

Ojú ẹja ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń kọ́kọ́ wò bí wọ́n bá dé ìdí àtẹ, ì báà jẹ́ ní Màkókò tàbí l'Ẹ̀pẹ́. Ojú ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú máa ń yọ síta díẹ̀, á máa dán, dúdú àárín rẹ̀ á sì mọ́ kedere. Bó bá ti ń pẹ́, ojú náà á tẹ́, á wá jìn wọnú, á sì funfun. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Yìnyín lè mú kí ojú ẹja tó dára funfun, omi tí ẹlẹ́ja ń wọ́n sórí àtẹ sì lè mú kí ojú tó ti ń ṣú tún máa dán.

Ká ní ẹja àpò méjì wà lórí àtẹ. Ojú ọ̀kan funfun ní apá tó fi sùn lórí yìnyín, ti èkejì mọ́ rekete. Ẹ má tíì yàn. Ẹ fi àtàńpàkò gbé ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì sókè, kí ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń mí. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí kòkòrò ìbàjẹ́ fi ń tètè ráyè níbẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá pupa fòò, tí ikun ara rẹ̀ mọ́, tí ti èkejì sì ti di búráùn, tí ikun rẹ̀ ki tó ń fà, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ rà, ojú funfun náà ò ní kó má dára.

Àwọn ẹlẹ́ja kan máa ń fi ẹ̀jẹ̀ kun ohun tí ẹja fi ń mí yìí kó lè pupa. Ẹ da omi díẹ̀ sí i: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi kùn ún á ṣàn lọ, àwọ̀ eérú á sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ ti pàdánù ẹ̀rí tó dájú jù, ẹ wá ẹja mìíràn.

Ìdí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ni kí ẹ gbé imú sí, nítorí omi ti lè fọ òórùn kúrò lára. Ẹja òkun tó dára ń rùn bí omi òkun. Bó bá ti ń bàjẹ́, á máa ta imú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Èròjà tó ń fa òórùn yẹn kò pọ̀ lára epìyà, nítorí náà ẹ má dúró dè é lára rẹ̀. Òórùn kíkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Òórùn ẹrẹ̀ lára epìyà adágún kì í ṣe ìbàjẹ́, inú omi ló ti wá.

Títùs ni ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè má ràn yín lọ́wọ́ lé lórí. Bó bá pẹ́ nínú oòrùn, májèlé tó ń mú ẹnu ta, tó ń mú ara pọ́n, tó sì ń fa orí fífọ́ lè pọ̀ nínú rẹ̀ kó tó rùn, sísè tàbí díndín kò sì lè pa á. Ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀: bí kò bá tutù nini, tí kò sì sí yìnyín nítòsí, ẹ fi sílẹ̀.