Ta ni ìparí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ní èdè Rọ́ṣíà àti Híńdì?

Ọmọkùnrin kan tó kàwé ní Rọ́ṣíà, tó ti padà sí Ìbàdàn báyìí, fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mọsko ni obìnrin tó fẹ́ fẹ́ wà, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́tà náà kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: pé òun ti ń ṣàárò rẹ̀, pé inú òun dùn pé òun pàdé rẹ̀, pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, láti gbólóhùn kìíní dé ìkẹta, bí obìnrin ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo mọ ibi tó ti wá kí n tó bi í. Ẹnu obìnrin náà ló ti kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó mọ̀. Ohun tí obìnrin náà bá sọ fún un ló ń sọ padà fún un, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Nínú èdè tiwa, kò sí ìjàm̀bá kankan nínú ìyẹn. Bí obìnrin bá ní, “Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ,” tí ọkùnrin sì dáhùn pé, “Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ,” ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì lò. “Mo” kò sọ bóyá ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ tàbí obìnrin, “ó” pàápàá kò sọ ọ́. Ìdí nìyí tí etí wa kì í fi í dúró ti ìparí ọ̀rọ̀. A ń gbọ́ “lyubil” tí ọkùnrin ará Rọ́ṣíà ń sọ àti “lyubila” tí obìnrin ń sọ, tí méjèèjì túmọ̀ sí “fẹ́ràn”, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lẹ́tà tiwa ni màá fi kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí wọ́n lè sún mọ́ bí etí ṣe ń gbọ́ wọn. “V” àti “z” ni mo yá, torí a kò ní wọn.

Ẹ jẹ́ ká tú lẹ́tà náà. Ó kọ “Ya skutṣala” fún “mo ti ń ṣàárò”. Obìnrin ló ń sọ bẹ́ẹ̀; “Ya skutṣal” ni ọkùnrin ń sọ. Ó kọ “Ya rada, ṣto vstretila tebya” fún “inú mi dùn pé mo pàdé rẹ”. Ìparí méjì ló gbọ́dọ̀ yí padà níbẹ̀: “rada” yóò di “rad”, “vstretila” yóò di “vstretil”. Gbólóhùn kẹta ló le jù, torí pé kì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀ níbẹ̀. Ó kọ “Ya hotṣu viyti za tebya zamuj.” “Muj” ni ọkọ ní èdè Rọ́ṣíà, ohun tí “viyti zamuj” sì sọ ni pé kí èèyàn jáde lọ sẹ́yìn ọkọ. Ọmọkùnrin náà ti sọ pé òun ń lọ sílé ọkọ! Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin ń lò ni “jenitsya”, tó wá láti ara “jena”, ìyẹn ìyàwó: “Ya hotṣu na tebe jenitsya.” Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín kí èèyàn gbéyàwó àti kí èèyàn relé ọkọ kò ní ṣi èyí mú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó tàn án jẹ ni pé gbólóhùn ìfẹ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn ń kọ́ kò fi nǹkan kan hàn. “Ya tebya lyublyu”, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, kan náà ni lẹ́nu ọkùnrin àti obìnrin. Ó sọ ọ́ fún oṣù púpọ̀, kò ṣì í sọ rí. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọjá sẹ́yìn ni ìyàtọ̀ dé: “Ya lyubil tebya” fún ọkùnrin, “Ya lyubila tebya” fún obìnrin. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìtàn èdè náà. Láyé àtijọ́, “lyubil” kì í dá dúró. Ọ̀rọ̀ tó ń júwe èèyàn ni, bí ìgbà tí a bá ní “ẹni tó fẹ́ràn”, ọ̀rọ̀ mìíràn tó túmọ̀ sí “mo jẹ́” ló sì máa ń bá a rìn. “Mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn” ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó yá, “mo jẹ́” já bọ́, ọ̀rọ̀ ìjúwe náà sì dúró bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé pé ìjúwe lòun, ó ṣì ń tọ́ka sí irú ẹni tó ń júwe. “Lyublyu” ní tirẹ̀ kò ṣe ìjúwe rí.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ẹ má ṣe rò pé bí ọ̀rọ̀ kò bá ti jẹ́ ti àná, ẹ ti bọ́. Bí ará Rọ́ṣíà bá fẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tó ń fẹ́, ìrísí ọ̀rọ̀ àná yẹn náà ló ń mú, tó sì ń fi “bi” tì í: “Ya hotel bi” ni ọkùnrin ń sọ, “Ya hotela bi” ni obìnrin ń sọ. Ẹni tó fẹ́ pe olólùfẹ́ rẹ̀ jáde lọ́la gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan.

Híńdì wá dorí ọ̀rọ̀ náà kodò. Lọ́dọ̀ tiwọn, gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an ló ń tú àṣírí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin á ní “Mẹn tumse pyar karta hun”, obìnrin á ní “Mẹn tumse pyar karti hun.” Ìjúwe ni “karta” àti “karti” náà ní ìpilẹ̀, Híńdì kàn ń lo “hun”, ìyẹn “mo jẹ́”, títí dòní, kò jẹ́ kó já bọ́. Ìlérí ọjọ́ iwájú náà ní tirẹ̀: “Mẹn tumse ṣadi karunga”, màá fẹ́ ọ, ni ọkùnrin ń sọ, “karungi” sì ni obìnrin. Ẹ wo fáwẹ̀lì tó kẹ́yìn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ èdè méjèèjì pọ̀ ti ń ṣubú: “a” ni àmì ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ Híńdì wọ̀nyí, “a” kan náà sì ni àmì obìnrin ní èdè Rọ́ṣíà.

Bí ọ̀rọ̀ Híńdì bá wá di ohun tí a ti ṣe parí, ìyàtọ̀ náà lè pa rẹ́ pátápátá. “Mẹnne tumhen dekha”, mo rí ọ, jẹ́ kan náà lẹ́nu ọkùnrin àti obìnrin. “Ne” kékeré tó so mọ́ “mẹn” ló fà á: bí “ne” bá ti di olùṣe mú, ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Mo ti rí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa “karti” tó wá sọ “dekha” yẹn di “dekhi”, torí ó rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu obìnrin jáde gbọ́dọ̀ parí sí “i”. Àṣìṣe tí ìmọ̀ tuntun ń mú wá nìyẹn, mo sì fẹ́ràn láti tètè bá a wí, nítorí pé ó ń fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì mọ ìbéèrè tó yẹ kó máa bi ara rẹ̀.

Ìbéèrè náà kì í ṣe “Ṣé ọkùnrin ni mí tàbí obìnrin?” Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, “Nínú gbólóhùn yìí, ta ló ń ṣe nǹkan?” Yorùbá sì ti fún wa ní etí fún èyí, bí a kò tilẹ̀ fura. Nígbà tí mo bá ní “Mo fẹ́ràn rẹ”, èmi ni mo ń ṣe é. Nígbà tí mo bá ní “O wù mí”, ìwọ lo ń ṣe é, èmi ni ó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Àárò rẹ ń sọ mí”: àárò ló wà nídìí iṣẹ́, kì í ṣe èmi.

Èdè Rọ́ṣíà ní “o wù mí” tirẹ̀, òun ni “Ti mne nraviṣsya”. Ẹ gbé e lọ sí àná, kí ẹ wo ẹni tí ìparí rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ọkùnrin tó ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ á ní “Ti mne ponravilas”, pẹ̀lú ìparí obìnrin, torí obìnrin náà ló wù ú. Obìnrin tó ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ á ní “Ti mne ponravilsya”. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò hàn níbẹ̀ rárá.

Híńdì náà ní “àárò rẹ ń sọ mí” tirẹ̀: “Mujhe tumhari yad ati hẹ.” “Yad” ni ìrántí. Nínú èdè wọn, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ akọ tàbí abo, abo sì ni “yad”; òun ló ń wá bá mi, òun ni “ati” ń tẹ̀ lé. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni, ìyá àgbà ni, “ati” ni gbogbo wọn ń sọ. Bákan náà ni tí ìfẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó síni lára. Ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n sábà ń lò fún ìfẹ́ ni “pyar”, tó jẹ́ akọ, àti “mohabbat”, tó jẹ́ abo. Wọ́n á ní “Mujhe tumse pyar ho gaya hẹ”, tàbí “Mujhe tumse mohabbat ho gayi hẹ.” “Gaya” di “gayi” nítorí pé orúkọ ìfẹ́ yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ẹnì kan náà ni gbólóhùn méjèèjì ti jáde.

Orin ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́ èyí. Nínú gasali, ewì ìfẹ́ àwọn tó ń sọ Údù, tí èdè wọn àti Híńdì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, àṣà ni pé kí wọ́n máa fi ìparí akọ pe olólùfẹ́, ì báà jẹ́ obìnrin ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá há a sórí kó sí wàhálà.

Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ẹ sì fẹ́ mọ ẹni tó ń sọ ọ́, ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ni olùṣe rẹ̀. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà tiwọn kọ ọ́, ní Híńdì, करता हूँ, ìyẹn “karta hun”, jẹ́ ti ọkùnrin, करती हूँ, ìyẹn “karti hun”, jẹ́ ti obìnrin. Ní Rọ́ṣíà, любил, ìyẹn “lyubil”, jẹ́ ti ọkùnrin, любила, ìyẹn “lyubila”, jẹ́ ti obìnrin. Bí ìwé atọ́nà bá sì kọ любил(а), kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Obìnrin ń ka “a” tó wà nínú àkámọ́, ọkùnrin ń fò ó. Mo ti rí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ, àti àkámọ́.

Lẹ́tà ọmọkùnrin náà padà lọ báyìí: “Ya skutṣal. Ya rad, ṣto vstretil tebya. Ya hotṣu na tebe jenitsya.” Lọ́jọ́ kejì ó fi èsì tó gbà hàn mí, ó sì bi mí bóyá ó tọ̀nà: “Ya soglasna.” Mo gbà, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ó tọ̀nà, obìnrin ló sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi òun náà léèrè lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kó má ṣe tún tẹ̀ lé e lẹ́nu: “soglasen” ni kó sọ.