Ìlu ọwọ́, kòtò àti àtẹ́lẹwọ́: bí wọ́n ṣe ń dá ilẹ̀ mọ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé kékeré

Ìpìlẹ̀ búńgálò oníyàrá mẹ́ta kì í sábà wọlẹ̀ ju 900 mílímítà lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 675 mílímítà. Bíríkìlà á gbẹ́ kòtò náà, á bá ilẹ̀ pupa tó le níbẹ̀, á ní ilẹ̀ dára, wọ́n á sì da kọnkéré. Ṣùgbọ́n ẹrù ògiri kì í dúró síbi tí kọnkéré parí sí. Ó ń wọlẹ̀ lọ ni, ó sì ń tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń lọ. Lábẹ́ ìpìlẹ̀ gbọọrọ bẹ́ẹ̀, téèyàn bá sọ̀kalẹ̀ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó wà ní mítà 2 sí ìsàlẹ̀ ṣì ń gbọ́ ìró ilé yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì fojú kàn án. Àyẹ̀wò tó bá máa wúlò gbọ́dọ̀ dé mítà 2.5 sí mítà 3, kì í ṣe ibi tí ṣọ́bìrì bíríkìlà dúró sí.

Ìlu ọwọ́, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní háńdì ọ́gà, ló ń débẹ̀ láìná owó ńlá. Agolo irin ni ẹnu rẹ̀, ó fẹ̀ tó 75 sí 100 mílímítà, ó ní abẹ méjì nídìí, wọ́n sì so ó mọ́ ọ̀pá irin tó ní ọwọ́ gbọọrọ lókè. Èèyàn méjì ló máa ń yí i. Tó bá ti gé ilẹ̀ tó 150 mílímítà, agolo á kún, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tapólì, wọ́n á sì tún kì í bọ ihò. Tí ọ̀pá bá tán, wọ́n á fi òmíràn tó gùn ní mítà kan lé e. Wọ́n ń to ilẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ lórí tapólì, bó ṣe jáde gan-an, wọ́n sì ń kọ jíjìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀kan má baà dà mọ́ èkejì.

Ìṣọ́ra kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Nígbà tí agolo bá ń padà sínú ihò, ó máa ń ha ara ihò, ìdọ̀tí òkè á sì bọ́ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ tó bá wà lókè pátápátá nínú agolo kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ ihò rárá. Dída nù ni. Ẹni tí kò bá dà á nù á kọ ọ́ sílẹ̀ pé iyanrìn pupa wà ní mítà 2, nígbà tó jẹ́ pé láti òkè ló ti já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi pulọ́ọ̀tì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká gbé e sí agbègbè Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì. Ní agbègbè yẹn, amọ̀ eléérú tó máa ń wú wà lábẹ́ ilẹ̀ pupa ní ọ̀pọ̀ ibi. Ilẹ̀ náà rọra dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí apá kan. Wọ́n lu ihò mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́, wọ́n sì lu ìkarùn-ún sáàárín. Ní igun méjì tó wà lókè àti láàárín, ilẹ̀ pupa oníyanrìn pẹ̀lú yangí wẹ́wẹ́ ni wọ́n bá títí dé mítà 3. Ní igun kan nísàlẹ̀, ilẹ̀ pupa náà tán ní mítà 1.1, amọ̀ eléérú tó ní àbààwọ́n pupa sì bẹ̀rẹ̀. Ní igun kejì nísàlẹ̀, ìlu náà kọ̀ ní mítà 0.8. Kò wọlẹ̀ mọ́.

Kíkọ̀ ìlu kì í ṣe ẹ̀rí pé ilẹ̀ le. Ó lè jẹ́ òkúta kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ pèpéle yangí tí kò nípọn, tí ilẹ̀ rírọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mítà kan, kí wọ́n tún lu òmíràn. Níbí, ihò kejì náà kọ̀ ní 0.8. Kòtò ló kù tí wọ́n lè gbẹ́.

Ìta ibi tí ògiri máa wà ni wọ́n ń gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò sí, torí ilẹ̀ tí wọ́n bá dá padà sínú kòtò kì í le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń gùn tó mítà 2, kó fẹ̀ tó mítà kan, kí èèyàn lè dúró nínú rẹ̀ láti wo ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. Ó sì ní ewu. Mítà kan nínà, lóró àti níbùú ilẹ̀ wọ̀n tó tọ́ọ̀nù méjì tó bá tutù, ẹni tó bá wó lé lórí kì í sábà jáde láàyè. Tí kòtò bá ti jìn ju mítà 1.2 lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀ láìfi pákó àti igi ti ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. Ilẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí kòtò ní mítà kan, ó kéré tán. Tí wọn ò bá ní igi, kí wọ́n gbẹ́ ẹ dé 1.2, kí wọ́n sì fi ìlu lu ìyókù láti ìdí kòtò.

Ní igun tó kọ̀ yẹn, díígà fọ́ yangí náà. Kò nípọn ju 250 mílímítà lọ, amọ̀ eléérú ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kòtò náà tún fi ohun tí ìlu kò lè fi hàn hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ hú amọ̀ náà jáde, ó là lójú ibi tó ń dán bí ẹni fi epo pa á, tí ìlà wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Amọ̀ tó ń wú lásìkò òjò, tó sì ń súnkì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń fi ara ha ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlu ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó jáde, ẹnikẹ́ni kò lè rí i lórí tapólì. Bákan náà ni ilẹ̀ àkójọ, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n kó wá dà síbẹ̀: ní ara kòtò, ọ̀rá, èédú àti àpáàdì máa ń fara hàn gbangba ní ìpele ìpele.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé amọ̀ ni, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú tó kàn tutù? Ojú kò lè dá méjèèjì mọ̀, torí hóró wọn kéré ju ohun tójú lè rí. Ọwọ́ ló ń dá wọn mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni gbígbọ̀n. Wọ́n á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, wọ́n á po ilẹ̀ náà mọ́ omi títí á fi rọ̀ láìlẹ̀ mọ́ọwọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á sì fi ọwọ́ kejì gbá ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà nígbà mélòó kan. Tó bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, omi á jáde sójú rẹ̀, á máa dán. Tí wọ́n bá tún fi ìka fún un, dídán náà á pòórá, á le, á sì sán. Ojú amọ̀ kì í yí padà rárá. Ti igun ìsàlẹ̀ yìí kò yí padà.

Èkejì ni yíyí i sí okùn. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ yí ilẹ̀ tútù náà lórí pákó dídán títí á fi tínrín tó mílímítà 3, wọ́n á ká a, wọ́n á tún yí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ń gbẹ, ó sì ń le. Iyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú kì í pẹ́ kó tó já wẹ́wẹ́, nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ di okùn. Amọ̀ tó lágbára á máa yí lọ, okùn rẹ̀ á sì le gan-an kó tó fọ́. Ohun kan náà ni láàbù ń ṣe, àmọ́ wọ́n máa ń wọn omi inú rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má fi ìkánjú ṣe èyí fún ilẹ̀ pupa. Amọ̀ inú ilẹ̀ pupa máa ń so pọ̀ di hóró líle tó dà bí iyanrìn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn hóró náà á tú, ohun tí wọ́n pè ní iyanrìn á sì di ohun tó ń lẹ̀. Mo rò pé èyí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù.

Ẹ̀kẹta gba sùúrù: wọ́n á ṣe é bí ọmọ ẹ̀kọ kékeré, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ dénú, wọ́n á wá fi ìka fọ́ ọ. Iyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú á di ìyẹ̀fun. Tí agbára ọwọ́ kò bá lè fọ́ ọ, amọ̀ líle ni.

Ìwọ̀nyí sọ irú ilẹ̀ náà. Bó ṣe le tó nínú ilẹ̀, àtàǹpàkò ló ń sọ ọ́, lára kòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Amọ̀ tí ìka rọra ń mọ rọ̀ jù fún ìpìlẹ̀ lásán. Èyí tó bá gba agbára kí ìka tó lè mọ ọ́n wà láàárín. Èyí tí ìka kò lè mọ mọ́, àmọ́ tí àtàǹpàkò lè tẹ̀ wọlé, le. Ti igun yìí le. Ibi tí ọ̀pọ̀ á ti parí iṣẹ́ nìyẹn, tí wọ́n á ní ilẹ̀ le, kí wọ́n kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó ń wú máa ń le gan-an lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Líle rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, wíwú rẹ̀ ni.

Wọ́n mú amọ̀ náà, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n gún un, wọ́n fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò tó ìdajì mílímítà sẹ́ ẹ. Wọ́n wọn mílílítà 10, wọ́n sì rọra dà á sínú ife gígùn oníwọ̀n tí omi mílílítà 100 wà nínú rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ká ní ó wú dé mílílítà 21: ó ti lé ní 11 lórí 10, ìyẹn 110 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọdún 1956 tí Holtz àti Gibbs, àwọn ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ti gbé ìdánwò yìí jáde ni wọ́n ti ń ka ilẹ̀ tó bá kọjá 100 sí èyí tó lè ba ilé kékeré jẹ́. Èyí tí kò bá tó 50 kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀.

Wàyí, ẹ padà sí àpẹẹrẹ náà. Ìpìlẹ̀ 900 mílímítà á jókòó sórí ilẹ̀ pupa tó ṣẹ́kù mílímítà 200 péré ní igun kan, orí pèpéle yangí tín-ín-rín ní igun kejì, orí ilẹ̀ pupa oníyangí tó dára ní ìyókù. Tí òjò bá dé, igun méjì ìsàlẹ̀ á gbé ilé sókè, ìyókù kò ní mira, ògiri á sì là láti igun fèrèsé. Ohun tó kàn ni kí wọ́n sún ibi tí ilé náà máa wà lọ sí apá òkè pulọ́ọ̀tì, tàbí kí ẹnjiníà ya ìpìlẹ̀ ráàfùtì, ìyẹn pèpéle kọnkéré kan ṣoṣo lábẹ́ gbogbo ilé. Fún èyí kejì, ó máa nílò ilẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n dì pa, tí wọ́n kọ jíjìn sí lára, kó lè gbé e lọ sí láàbù. Àtẹ́lẹwọ́ kò lè sọ iye mílímítà tí ilẹ̀ máa gbé ilé sókè.

Omi náà kù. Wọ́n bo ihò mọ́jú kí ẹran àti ọmọdé má baà já sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá wọn omi inú rẹ̀ láàárọ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n bá gbà ní oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún ló sábà máa ń jìn jù. Kí wọ́n kọ oṣù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ní oṣù kẹwàá ó lè ti gòkè dé ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dí kòtò padà, ní ìpele 150 mílímítà 150 mílímítà, wọ́n á máa fi igi gún ìpele kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó da òmíràn lé e.