Ìlà sọ́nẹ́ẹ̀tì tó yà kúrò nínú ìlù kì í ṣe àṣìṣe

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka sọ́nẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ewì onílà mẹ́rìnlá, ló gbà pé gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ lọ ní fúyẹ́-wúwo, fúyẹ́-wúwo, lẹ́ẹ̀márùn-ún gbáko. Bí ìlà kan kò bá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní akéwì ló ṣì í, tàbí kí wọ́n fi tipátipá ti ọ̀rọ̀ bọ inú ìlù. Ó máa ń dùn mí, nítorí ibi tí ìlà ti yà gan-an ni akéwì sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ pàtàkì sí.

Ìlù yìí ni wọ́n ń pè ní ayámbíìkì pẹntámítà: sílébù mẹ́wàá, ẹsẹ̀ márùn-ún, tí àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fúyẹ́, tí èkejì sì wúwo. Ẹ pe “ìlú” lẹ́ẹ̀márùn-ún láìdánudúró, ẹ ti gbọ́ ọ nìyẹn. Ìwúwo Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohùn òkè o, agbára àti gígùn sílébù wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí wa ti so méjèèjì pọ̀ tipẹ́: nínú “tíṣà”, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti wúwo la fi ohùn òkè sí.

Ẹ jẹ́ ká mú sọ́nẹ́ẹ̀tì 116 ti Wílíàmù Ṣekisípíà, tó jáde nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1609. Báyìí ni ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlù nìkan ṣe máa ka ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́tà ńlá ni ibi tó wúwo:

```
let ME not TO the MAR-riage OF true MINDS
```

Ìlù gún, àmọ́ èèyàn kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Ta ni yóò tẹ “to” àti “of” mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo kọ́kọ́ máa ń sàmì sí ọ̀rọ̀ tó ní ju sílébù kan lọ, nítorí ibi tó wúwo nínú rẹ̀ kì í yí padà, ó sì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Lẹ́yìn náà ni màá wá ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe, ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù, màá jẹ́ kí wọ́n fúyẹ́:

```
LET me NOT to the MAR-riage of TRUE MINDS
```

Ìwúwo márùn-ún ṣì pé. Ṣùgbọ́n dípò 2, 4, 6, 8 àti 10 tí etí ń retí, 1, 3, 6, 9 àti 10 ni wọ́n bọ́ sí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń kọ̀ ni: kò ní gbà pé ohunkóhun lè dí ìsopọ̀ ọkàn olóòótọ́ méjì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀ yẹn wá wúwo níbi tó yẹ kó ti fúyẹ́.

Mi ò ní sọ pé gbogbo yíyà ló ní ìtumọ̀. Kí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan dojú dé, kó di wúwo-fúyẹ́, wọ́pọ̀ débi pé kò lè jẹ́ ẹ̀rí nǹkan kan. Ohun tó ń dá mi dúró ni kí ẹsẹ̀ méjì yà tẹ̀ léra wọn, bíi tòkè yìí, tàbí kí ìlà yà láàárín lẹ́yìn ìdánudúró, bó ṣe rí ní ìlà kejì:

```
ad-MIT im-PED-i-MENTS. LOVE is not LOVE
```

Lẹ́yìn àmì ìdánudúró yẹn, etí ń retí sílébù fúyẹ́. Ìfẹ́ fúnra rẹ̀ ló já lù wá. Ẹlòmíràn lè mú “not” náà wúwo, mi ò bá a jà. Ibi tí “Love” bọ́ sí ló ṣe pàtàkì.

Ẹ wá wo ìlà karùn-ún, níbi tó ti pe ìfẹ́ ní àmì tí kì í yẹ̀:

```
o NO, it IS an EV-er FIX-èd MARK
```

Ìlù padà sípò, kò yẹsẹ̀ níbì kankan. Ibí yìí náà ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: bí ẹ bá pe “fixèd” bí wọ́n ṣe ń pè é lónìí, ní sílébù kan, mẹ́sàn-án lẹ máa kà, ẹ ó sì rò pé akéwì ya ìlà. Sílébù méjì ló jẹ́ níbí. Torí náà, ẹ ka sílébù pé ná kí ẹ tó pe nǹkan kan ní yíyà.

Ìlà kẹfà parí sí “shaken”, sílébù rẹ̀ sì jẹ́ mọ́kànlá. Àwọn kan ní ìlà náà mì nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ mímì. Kò dá mi lójú rárá, nítorí sílébù fúyẹ́ kan níparí ìlà jẹ́ ohun tí àṣà gbà láyè: gbogbo ìlà mẹ́rìnlá sọ́nẹ́ẹ̀tì 20 ló parí bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹjọ, tó bá a dọ́gba létí, náà jẹ́ mọ́kànlá, kò sì sí ohun tó ń mì níbẹ̀.