Ṣé Wọ́n Ń Yọ Orúkọ Ẹni Tó Bá Béèrè Èsì Ìwáṣẹ́?

"Má kọ nǹkan kan sí wọn mọ́ o! Tí wọ́n bá rí i pé ò ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á yọ orúkọ rẹ." Ìmọ̀ràn yìí ni wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ tí kò rí èsì, ó sì ti sú mi. Ẹni tó bá ti bá wọn to ìwé ìwáṣẹ́ rí mọ bó ṣe ń lọ: akọ̀wé á ṣí ìméèlì kọ̀ọ̀kan, á kọ orúkọ, ìwé ẹ̀rí, iye ọdún téèyàn ti fi ṣiṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù sínú tábìlì kan, á sì gbé e fún ọ̀gá. Tábìlì yẹn kò ní àyè tí wọ́n ń kọ "ẹni tó béèrè" sí. Lẹ́tà kékeré tó ní ọ̀wọ̀ nínú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í bí wọn nínú. Ẹni tó ń kọ lójoojúmọ́, tó tún ń pe ọ̀gá lórí fóònù lálẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń dì mú ni ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìpolówó iṣẹ́ ní Nàìjíríà: "Àwọn tí a bá yàn nìkan la ó kàn sí." Wọ́n ní àṣẹ ni, pé kéèyàn dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń sọ níbẹ̀ ni pé àwọn kò ní kọ̀wé sí ẹni tí àwọn ò mú. Wọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè bóyá ìwé òun dé. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ má pè, ẹ má kọ̀wé. Àwọn kan ń kọ ọ́ lóòótọ́, ibi tẹ́ ẹ bá sì ti rí i, ẹ má béèrè.

Àwọn tó gbà pé kéèyàn béèrè sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí mo rò pé ìṣòro wà gan-an ni ọjọ́ tí wọ́n ti ń ka ọ̀sẹ̀ kan náà. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn ń wá akọ̀wé owó, wọ́n sì ní àwọn á máa gba ìwé títí di Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Ọmọbìnrin kan fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ 3. Bó bá béèrè lọ́jọ́ 10, ìwé àwọn ẹlòmíì ṣì ń wọlé, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì ṣí ẹyọ kan. Bó bá tiẹ̀ rí èsì, "ẹ ní sùúrù" ni. Á wá lọ sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bíbéèrè kò wúlò. Ọjọ́ 14 ló yẹ kó ti kà á, kó wá kọ̀wé lọ́jọ́ 21. Ọjọ́ Ẹtì lọ́jọ́ náà bọ́ sí, nítorí náà kó tètè fi ránṣẹ́ láàárọ̀ kí wọ́n tó máa lọ kírun Jímọ̀, tàbí kó fi í di Ọjọ́ Ajé. Ìpolówó tí kò dá ọjọ́ ìparí nìkan lèèyàn lè ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó fi ìwé ránṣẹ́.

Kó tó kọ ohunkóhun, kó wo inú `Spam`, kó sì wò ó bóyá ìméèlì kan wá láti ọ̀dọ̀ `Mail Delivery Subsystem`. Bó bá rí ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí ìwé rẹ̀ má dé rárá: bóyá ó ṣi àdírẹ́sì kọ, bóyá àwọn ìwé ẹ̀rí tó fi fóònù yà ló tóbi jù. Gmail kì í jẹ́ kí ohun tí a so mọ́ ìméèlì ju 25 MB lọ, àwọn ọ́fíìsì mìíràn kì í sì gbà tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí irú rẹ̀, kó ṣí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú `Sent`, kó tẹ `Reply`, kí tuntun lè wà lórí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: `Reply` kì í gbé fáìlì tó wà lára lẹ́tà àkọ́kọ́ dání. Ó gbọ́dọ̀ tún sífíì rẹ̀ so mọ́ ọn. Kó kí wọn, kó sọ pé òun fi ìwé ránṣẹ́ lọ́jọ́ 3 fún iṣẹ́ akọ̀wé owó, kó béèrè bóyá ó dé, kó dúpẹ́. Kó má bẹ̀bẹ̀, kó má sì ka ìṣòro ilé sí i.

Ṣé ìyẹn máa fún un níṣẹ́? Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó dájú ni pé ó lè jẹ́ kí wọ́n rí ìwé tó sọnù. Bóyá ó ń sún ẹnikẹ́ni síwájú, mo ṣiyèméjì. Bó bá sì jẹ́ orí wẹ́bsaìtì ló ti kọ ọ́, tí èsì wá láti `noreply@`, kò sẹ́ni tó máa ka ohun tó bá kọ padà síbẹ̀.

Ẹ sì kíyè sí ẹni tó bá dáhùn. Ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ wé èyí tó wà nínú ìpolówó, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, pàápàá ohun tó tẹ̀lé `@`. Bó bá sọ̀rọ̀ owó fọ́ọ̀mù, tàbí owó tí wọ́n máa fi gbé fáìlì yín síwájú, ẹ má san án, kódà bí àdírẹ́sì méjèèjì bá bára mu.