Ètò Ìdánwò fún Iṣẹ́ Tuntun Inú Áàpù Báǹkì: Èwo Ni Ti Kóòdù, Èwo Ni Ti Ọwọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ adánwò sọ́fítíwíà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí oníbàárà lè yan ọjọ́ kan tí owó yóò máa kúrò fúnra rẹ̀ lóṣooṣù nínú áàpù báǹkì àwọn. Wọ́n ní kí n ṣètò bí n óò ṣe dán an wò, kí n sì sọ èyí tí n óò fi kóòdù ṣe. Mo ka gbogbo bọ́tìnì ojú áàpù, mo ní gbogbo rẹ̀ ni n óò fi kóòdù dán wò. Wọn kò pè mí mọ́. Kí ni wọ́n ń retí?

Ìdáhùn: Wọ́n ń retí kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn nǹkan kan sílẹ̀ láìsọ nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín ni. Bí oníbàárà bá yan ọjọ́ 31, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì? Bí owó kò bá sí nínú àkáǹtì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣé wọn yóò tún gbìyànjú, títí di ìgbà wo? Bí ó bá fagi lé e nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí owó lọ ńkọ́? Ìdáhùn wọn ni ẹ óò kọ sókè ètò náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì pinnu bó ṣe yẹ kó rí, a kò lè dán an wò, nítorí a kò ní mọ̀ bóyá ó yege tàbí ó kùnà.

Lẹ́yìn náà, ẹ to ewu, ẹ má to bọ́tìnì. Nínú iṣẹ́ yìí, èyí tó burú jù ni kí owó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí owó má lọ kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kí ó lọ lọ́jọ́ tí kò yẹ. Àwọ̀ bọ́tìnì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni n óò kọ́kọ́ tú fún yín, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé kò sí nǹkan. Ẹ wo kóòdù Java yìí:

```java
LocalDate ojo = LocalDate.of(2025, 1, 31);
ojo = ojo.plusMonths(1); // 2025-02-28
ojo = ojo.plusMonths(1); // 2025-03-28
```

Java kò ṣẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2025 kò ní ọjọ́ 31, ó sì padà sí 28. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó kọ kóòdù bá ń ka oṣù tó ń bọ̀ láti ara èyí tó kọjá, ọjọ́ 31 ti di ohun ìgbàgbé nìyẹn. Owó ilé oníbàárà yóò máa jáde ní ọjọ́ 28 títí ayé. Láti ara ọjọ́ tó yàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti máa kà: oṣù kìíní ọjọ́ 31, fi oṣù méjì kún un, ó di oṣù kẹta ọjọ́ 31. Ìwà ti JavaScript tún yàtọ̀: bí ẹ bá fi `setMonth(1)`, tó túmọ̀ sí oṣù kejì níbẹ̀, sún ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2025 síwájú, oṣù kẹta ọjọ́ 3 ni yóò fún yín, oṣù kejì á sì ṣófo.

Adánwò tó bá wo oṣù kan péré yóò rí ọjọ́ 28 oṣù kejì, yóò ní ó dára, yóò sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò náà rìn dé oṣù kẹta, ó kéré tán. Ẹ fi ọjọ́ 28, 29, 30 àti 31 dán an wò, kí ẹ fi ọjọ́ kan tí kò ní wàhálà bíi 15 kún un, kí ẹ sì mú ọdún 2028 tí oṣù kejì rẹ̀ ní ọjọ́ 29. Èyí ni mo máa kọ́kọ́ fi kóòdù dán wò. Ọjọ́ ló ń wọlé, ọjọ́ ló ń jáde. Kò kan ojú fóònù, kò kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ á sì parí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà níbẹ̀. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú `UTC`, kì í sì í yí padà láàárín ọdún. Bí sáfà bá ń lo `UTC`, agogo méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ kìíní oṣù ní Èkó ṣì jẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù tó kọjá lójú sáfà. Ẹnikẹ́ni kò lè máa jókòó dúró de òru kó tó dán èyí wò. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ óò bẹ ẹni tó ń kọ kóòdù kí aago jẹ́ ohun tí a lè fi sí i láti ìta, kí ìdánwò lè sọ pé “òru ti dé” nígbà tó bá wù ú. Gbólóhùn yìí nìkan máa ń fi hàn wọ́n pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà rí.

Ní ti owó tó lọ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó sábà máa ń fà á ni ìdákẹ́jẹ́. Owó láti báǹkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà sábà máa ń gba ọ̀nà NIP, ètò ìfowóránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ti NIBSS, kọjá. Sáfà fi owó ránṣẹ́, kò rí èsì. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀: owó náà lè ti dé. Bí sáfà bá fi nọ́ńbà ìdúnàádúrà tuntun rán an padà, owó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Nítorí náà, ẹ ṣe báǹkì àfarawé kan, kí ẹ pàṣẹ fún un pé kó gba owó kó sì dákẹ́. Kí ẹ tó pe ìdánwò yìí ní àyege, sáfà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kó lo nọ́ńbà kan náà bó bá ní láti tún rán an, kí ìwé àkáǹtì sì fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n yọ owó. Kí ẹ tún jẹ́ kí sáfà méjì gbé iṣẹ́ ọjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà ni kí ẹ ránṣẹ́ sí tààrà, láìgba ojú áàpù kọjá. Kóòdù ló yẹ fún èyí pẹ̀lú, torí ta ni yóò lè fọwọ́ mú báǹkì dákẹ́ ní ìṣẹ́jú tó fẹ́?

Ohun tí mo fi ń pinnu kò pọ̀. Ṣé a óò tún un ṣe nígbàkigbà tí kóòdù bá yí padà? Ṣé a lè kọ ìdáhùn tó tọ́ sílẹ̀ kí a tó ṣe é? Bí méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kóòdù ni.

Bóyá oníbàárà lóye pé ọjọ́ 31 tó yàn yóò di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, ojú ènìyàn ló lè rí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí áàpù ṣe ń ṣe lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Ní ti ojú áàpù, ìdánwò kóòdù méjì péré ni mo máa kọ: ọ̀kan tí yóò ṣètò owó, sún aago síwájú, kó sì rí i nínú àkọsílẹ̀, ọ̀kan tí yóò fagi lé e. N kò tilẹ̀ ní kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń yí ojú áàpù padà lójoojúmọ́. Ìdánwò ojú áàpù ń falẹ̀, ó sì máa ń kùnà nítorí pé wọ́n gbé bọ́tìnì kúrò níbì kan. Bí kóòdù kò bá yí padà, tí ìdánwò yege láàárọ̀ tó kùnà lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ mú un kúrò lára èyí tó lè dá iṣẹ́ dúró títí ẹ óò fi tún un ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ènìyàn yóò máa tún un ṣe títí yóò fi yege, ọjọ́ tí àṣìṣe gidi bá sì dé, wọn kò ní kà á sí.

Wọ́n sábà máa ń béèrè pé bí ó bá ku ọjọ́ méjì péré ńkọ́? Ìdánwò ọjọ́ àti ti owó ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa fi kóòdù ṣe, n óò fọwọ́ rin ìrìn àjò oníbàárà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n óò sì kọ ohun tí mo fi sílẹ̀ àti ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí n fi í sílẹ̀. Mo máa ní kí wọ́n ṣí i fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà nìkan ná, kí ẹnì kan sì máa fi iye owó tó yẹ kó lọ wé iye tó lọ gan-an láràárọ̀, ó kéré tán títí wọn yóò fi rí ìparí oṣù kan.