Afẹ́fẹ́ òkè àti afẹ́fẹ́ ilẹ̀: bí a ṣe ń ṣírò àkókò bàálù láti Àbújá sí Màídúgùrì

Ẹni tó bá wọ bàálù ní Àbújá tó ń lọ sí Màídúgùrì nígbà ọyẹ́ lè rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì pé ìrìn àjò náà máa gba wákàtí kan àti 20 ìṣẹ́jú. Bó bá jókòó tán, awakọ̀ á kéde pé wákàtí kan péré ni àwọn máa lò lófurufú. Kò sí èyí tó parọ́ nínú méjèèjì. Aago méjì ló ń ka ìrìn àjò bàálù. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàálù bá kúrò ní géètì, èkejì kì í bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí táyà bá fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà mẹ́rin ni iléeṣẹ́ bàálù máa ń kọ sílẹ̀ fún ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí wọ́n sì ń pè wọ́n lórí kọ̀ǹpútà wọn ni OUT, OFF, ON àti IN. OUT ni ìgbà tí bàálù kọ́kọ́ mira kúrò níbi tó dúró sí. OFF ni ìgbà tó gbéra nílẹ̀. ON ni ìgbà tí táyà kan ilẹ̀ níbi tó ń lọ. IN ni ìgbà tó dúró pátápátá ní géètì tí awakọ̀ sì fa búréèkì. Láti OFF dé ON ni àkókò òfurufú. Láti OUT dé IN ni àkókò géètì sí géètì, òun sì ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Àkókò géètì sí géètì yìí náà ni awakọ̀ ń kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àkókò òfurufú ni àwọn ẹnjiníà máa ń wò jù láti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tún bàálù yẹ̀ wò. Ìdádúró tó bá ṣẹlẹ̀ kí OUT tó dé kò sí nínú aago kankan. Bí wọ́n bá ti òfurufú Àbújá pa díẹ̀ nítorí pé ààrẹ fẹ́ gbéra, tí bàálù sì wà ní géètì tí èrò ti jókòó sínú rẹ̀, àkókò ìrìn àjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́, bó ti wù kí ó ti pẹ́ tó lójú èrò.

Afẹ́fẹ́ ló kàn. Inú afẹ́fẹ́ ni bàálù ń rìn, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Ó rí bí ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ọya ní Lọ́kọ́ja: bí atukọ̀ bá ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú agbára kan náà, ẹni tó ń bá omi lọ á tètè dé, ẹni tó ń wọ́ lòdì sí omi á pẹ́. Eré tí bàálù ń sá nínú afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Eré tó ń sá bá a bá wo ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń dín kù tàbí tó ń bù sí. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
GS = TAS + W × cos(θ)
```

GS ni eré lórí ilẹ̀, TAS ni eré nínú afẹ́fẹ́, W ni eré tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń sá, θ sì ni igun tó wà láàárín ibi tí bàálù ń lọ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn bàálù gan-an, cos(θ) jẹ́ 1. Bó bá dojú kọ ọ́, ó di −1. Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ lásán, ó di òdo, awakọ̀ á kàn yí imú bàálù díẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kó má baà gbé e kúrò lọ́nà.

Láti Àbújá sí Màídúgùrì tó nǹkan bíi kìlómítà 710, bí a bá fà á gbọọrọ, ọ̀nà náà sì dorí kọ àríwá ìlà-oòrùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Gbogbo ará Àbújá ló mọ̀ pé láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, òun ló ń kó eruku aṣálẹ̀ wá bá wa. Nítorí náà, wọ́n á ní bàálù tó ń lọ sí Màídúgùrì nígbà ọyẹ́ ń dojú kọ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò ga. Lókè níbi tí bàálù ńlá ti ń fò, bíi kìlómítà 10 sókè, ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti wá lákòókò yẹn lórí àríwá Nàìjíríà. Afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ kò fi ti òkè hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Ká ní bàálù ń sá kìlómítà 800 láàárín wákàtí kan nínú afẹ́fẹ́, tí afẹ́fẹ́ òkè sì ń fẹ́ tààrà láti ìwọ̀-oòrùn ní kìlómítà 70 láàárín wákàtí kan. Igun tó wà láàárín afẹ́fẹ́ náà àti ọ̀nà Màídúgùrì tó bíi dígíríì 27, cos rẹ̀ sì jẹ́ 0.89. Nínú 70 náà, nǹkan bíi 62 ló ń ti bàálù lọ. Eré lórí ilẹ̀ á di 862 ní àlọ, á sì di 738 ní àbọ̀.

Àṣìṣe kan wà tí kò yẹ ká ṣe, ìyẹn ni pé ká fi 862 pín kìlómítà 710. Bàálù kì í fi eré yẹn rìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó máa ń gun òkè, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀, eré rẹ̀ nígbà méjèèjì sì dín kù gan-an. Lórí ọ̀nà kúkurú bí èyí, gígun òkè lè gba ìṣẹ́jú 18 kó sì kó kìlómítà 190, sísọ̀ lè gba ìṣẹ́jú 20 kó sì kó kìlómítà 200. Ohun tó ṣẹ́ kù fún eré kíkún kò ju kìlómítà 320 lọ. Bí a bá fi 862 pín in, ìṣẹ́jú 22 ni. Bí a bá fi 738 pín in, ìṣẹ́jú 26 ni. Afẹ́fẹ́ máa ń kan gígùn àti sísọ̀ náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni afẹ́fẹ́ òkè fi ya àlọ sọ́tọ̀ kúrò lára àbọ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yìí déédéé mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rọnwéè ló fà á. Bàálù máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ ilẹ̀ kó tó gbéra, ó sì máa ń dojú kọ ọ́ kó tó balẹ̀, torí pé eré tó nílò lórí ilẹ̀ á dín kù, á sì tètè dúró. Rọnwéè Àbújá ní orúkọ méjì, 04 àti 22. Nọ́ńbà náà ni dígíríì tí bàálù kọjú sí, tí wọ́n yọ òdo ìkẹyìn rẹ̀: 04 kọjú sí bíi dígíríì 40, ìyẹn àríwá ìlà-oòrùn, 22 sì kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ti Màídúgùrì jẹ́ 05 àti 23, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síbi kan náà.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bàálù Àbújá gbéra lórí 04, ó ti kọjú sí Màídúgùrì kó tó kúrò nílẹ̀. Ó dé Màídúgùrì, rọnwéè 05 sì wà níwájú rẹ̀, ó balẹ̀ láì yí ká. Àbọ̀ ni ìnira wà. Ó gbọ́dọ̀ gbéra lórí 05, kó fi ẹ̀yìn sí Àbújá, kó tó yí padà. Nígbà tó bá sún mọ́ Àbújá, kò lè balẹ̀ tààrà, torí pé 04 ni wọ́n ń lò. Ó gbọ́dọ̀ kọjá pápákọ̀ náà sí apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kó yí, kó sì padà wá balẹ̀. Ká ní ìyípo tó ṣe ní Màídúgùrì gba ìṣẹ́jú 3, ti Àbújá sì gba 8. Ìṣẹ́jú 11 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí afẹ́fẹ́ òkè gbà.

Àròpọ̀ rẹ̀ rèé. Ní àlọ, 18 pẹ̀lú 22 pẹ̀lú 20 jẹ́ 60. Bí bàálù bá kúrò ní géètì Àbújá ní 10:00, tó lo ìṣẹ́jú 12 láti tan ẹ́ńjìnnì kó sì rìn dé rọnwéè, á gbéra ní 10:12, á kan ilẹ̀ ní 11:12, á sì dúró ní 11:16. Ìṣẹ́jú 76 ni géètì sí géètì. Ní àbọ̀, 3, 18, 26, 20 àti 8 jẹ́ 75. Ó kúrò ní géètì Màídúgùrì ní 12:00, ó gbéra ní 12:06, ó kan ilẹ̀ ní 13:21, ó sì dúró ní 13:28. Ìṣẹ́jú 88 nìyẹn. Iléeṣẹ́ á wo ohun tí ọ̀pọ̀ bàálù ti lò lọ́nà yìí tẹ́lẹ̀, á fi ìṣẹ́jú mélòó kan kún un, á sì kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí bàálù tó pẹ́ gbéra fi lè dé lásìkò.

Nígbà òjò, bíi oṣù keje àti ìkẹjọ, gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ á máa wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, tòkè á sì sábà máa wá láti ìlà-oòrùn. Rọnwéè 22 àti 23 ni wọ́n á máa lò. Àlọ ló máa wá yí ká níbi méjèèjì tí á sì dojú kọ afẹ́fẹ́ lókè, àbọ̀ á wá rọrùn. Ṣùgbọ́n àkókò òjò ṣòro sọ tẹ́lẹ̀ jù, torí pé ìjì ńlá tó máa ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ lè mú kí awakọ̀ yà fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Bí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ bá sì rọlẹ̀, ìṣirò ìyípo yẹn lè má wáyé rárá: ọ̀pọ̀ bàálù ńlá ni wọ́n fàyè gbà láti balẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn tí kò ju nọ́ọ̀tì 10 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 18 láàárín wákàtí kan, atọ́nà bàálù sì lè jẹ́ kó wọlé tààrà.

Ẹni tó bá ń fi fóònù tọpa bàálù lè rí gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Nígbà tí bàálù bá ti gun òkè tán, kó wo Ground speed. Bó bá ju bí irú bàálù bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń sáré lọ, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwòrán bàálù bá dé Àbújá tó sì kọjá rẹ̀, kò ṣìnà, 04 ló ń wá. Kó sì rántí pé ìgbà tí bàálù gbéra nílẹ̀ ni irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó kúrò ní géètì. Ẹni tó fẹ́ lọ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Lugbe gbọ́dọ̀ fi ìrìn orí ilẹ̀ àti ìdúró de ẹrù kún ìgbà tí táyà kan ilẹ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ òkè ti ń di ọ̀rọ̀ ńlá ni ọ̀nà jíjìn, bíi ti àwọn tó ń lọ ṣe Úmírà láti Kánò sí Jẹ́dà. Bí a bá fà á gbọọrọ, ó tó kìlómítà 3,420. Ká mú 850 bí eré inú afẹ́fẹ́, ká sì ní afẹ́fẹ́ 100 ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ní oṣù kejì. Àlọ á gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 36, àbọ̀ á gba wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 34, ká tó fi gígùn, sísọ̀ àti ìrìn orí ilẹ̀ kún un. Láìsí afẹ́fẹ́, àlọ àti àbọ̀ lápapọ̀ á jẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 3. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó di wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 10, torí pé bàálù pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tó ń dá a dúró ju bó ṣe pẹ́ nínú èyí tó ràn án lọ́wọ́. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Sùdáànì ní oṣù kẹrin ọdún 2023 sì ti mú kí bàálù máa yà kúrò ní òfurufú orílẹ̀-èdè náà, kìlómítà á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń fi wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì wé ara wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ wákàtí méjì tí aago Jẹ́dà fi ṣáájú ti Kánò kúrò ní àlọ, kó sì fi wákàtí méjì yẹn kún ti àbọ̀.