Bí a ṣe ń tú mátíríìsì palẹ̀ láti fi fún àwòrán pọ̀

Fótò dúdú-àti-funfun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò ju tábìlì nọ́ńbà lọ. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: 0 fún dúdú kirikiri, 255 fún funfun báláú. Tábìlì tó ní ìlà àti òpó báyìí là ń pè ní mátíríìsì. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń tú mátíríìsì yòówù palẹ̀ sí ìpele-ìpele, tí ìpele kọ̀ọ̀kan á ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀. A ó wá pa àwọn tó wúwo mọ́, a ó sì da ìyókù nù. `svd` ni orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ fún un lórí kọ̀ǹpútà. Kí a tó dé orí fótò, mátíríìsì tó ní nọ́ńbà mẹ́rin péré ti tó láti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́:

```
A = [ 6  -2 ]
    [ 7   6 ]
```

Iṣẹ́ mátíríìsì ni pé kí ó gba ọfà kan wọlé, kí ó sì tú ọfà mìíràn jáde. Bí (x, y) bá wọlé sínú A, (6x − 2y, 7x + 6y) ló máa jáde. Bí a bá fi ọfà (2, 1) sí i, (10, 20) ló máa jáde. Bí a bá fi (−1, 2) sí i, (−10, 5) ló máa jáde. Ọfà méjèèjì tó wọlé dábùú ara wọn ní igun 90°, nítorí pé 2×(−1) + 1×2 = 0. Àwọn méjì tó jáde náà sì tún dábùú ara wọn bákan náà: 10×(−10) + 20×5 = 0. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọfà méjì tó dábùú ara wọn ni A máa wọ́ ní wíwọ́kuwọ̀ọ́, àmọ́ méjì yìí kò wọ́. Ohun tó ṣe sí wọn ni pé ó yí wọn, ó sì fà wọ́n gùn: èkíní gùn ní ìlọ́po 10, èkejì ní ìlọ́po 5. Nọ́ńbà 10 àti 5 yìí ni ìwọ̀n fífàgùn, tí a máa ń kọ báyìí: σ₁ = 10, σ₂ = 5.

Ká ní a ya òbìrìkìtì kan tí ó jẹ́ 1 láti àárín dé etí rẹ̀. Mátíríìsì A yóò kọ́kọ́ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún ní nǹkan bí 27°, kí ọfà (2, 1) lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí (−1, 2) sì nàró. Lẹ́yìn náà ni yóò fà á gùn, ìlọ́po 10 ní ìbú, ìlọ́po 5 ní òró, tí òbìrìkìtì yóò fi rí gbọọrọ bí ẹyin. Níkẹyìn ni yóò yí ẹyin náà sọ́wọ́ òsì ní nǹkan bí 63°. Mátíríìsì onílà méjì, olópòó méjì kankan kò ṣe ju èyí lọ: yíyí, fífà, yíyí. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú yíyí náà lè jẹ́ ìyípadà bíi ti inú dígí, ó sì lè jẹ́ pé òdo ni ọ̀kan nínú σ, tí òbìrìkìtì á fi fẹ̀ pẹlẹbẹ di ìlà.

Báwo la ṣe ń rí ọfà méjèèjì tí kì í wọ́? A ó kọ àwọn ìlà A sí òpó, ìyẹn Aᵀ, a ó sì sọ òun àti A di púpọ̀:

```
AᵀA = [ 85  30 ]
      [ 30  40 ]
```

Ẹ jẹ́ kí λ dúró fún σ². 85 + 40 jẹ́ 125, 85×40 − 30×30 sì jẹ́ 2500; láti inú èyí la ti rí λ² − 125λ + 2500 = 0, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 100 àti 25. √100 jẹ́ 10, √25 sì jẹ́ 5. Bí a bá dá 100 padà, (85 − 100)x + 30y = 0, y á jẹ́ ìdajì x, ìyẹn ọfà (2, 1). Àfọwọ́ṣe mátíríìsì kékeré ni ọ̀nà yìí wà fún. Fún ńlá, AᵀA máa ń sọ σ kékeré di èyí tó tún kéré sí i, débi pé kọ̀ǹpútà kò ní rí i mọ́, ìdí nìyẹn tí `svd` kì í fi gba ibẹ̀.

Ní báyìí, ìtúpalẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti rí ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọfà tó jáde sí òpó, a ó kọ ọfà tó wọlé sí ìlà, a ó sọ wọ́n di púpọ̀, a ó sì pín in sí 5, ìyẹn 2×2 + 1×1:

```
[ 6 -2 ]   [ 4  2 ]   [  2 -4 ]
[ 7  6 ] = [ 8  4 ] + [ -1  2 ]
```

Ẹ wo ìpele àkọ́kọ́ dáadáa. Ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti òkè, nítorí náà òpó kan àti ìlà kan ti tó láti kọ gbogbo rẹ̀. Ìpele kejì rí bẹ́ẹ̀ náà. Bí a bá fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú A sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì ro wọ́n pọ̀, 125 la máa rí. Nínú rẹ̀, 100, ìyẹn σ₁², wà nínú ìpele àkọ́kọ́, 25, ìyẹn σ₂², nínú èkejì. Bí a bá ju èkejì nù, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Eckart àti Young fi hàn ní ọdún 1936 pé kò sí mátíríìsì oníye ìpele kan náà tó lè sún mọ́ A ju èyí tí a bá kó ìpele tó wúwo jù jọ láti ṣe lọ.

Fótò onílà 1000, olópòó 800 ní nọ́ńbà 800,000. Ìpele kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ gba òpó kan (1000), ìlà kan (800) àti σ kan, àpapọ̀ 1801. Bí a bá mú ìpele 50, 90,050 nọ́ńbà ló máa jẹ́. Nínú kóòdù yìí, `F` ni mátíríìsì fótò náà tí a ti gbé wọlé, `G` sì ni èyí tí ìpele 50 tún kọ́:

```python
import numpy as np
U, s, Vt = np.linalg.svd(F.astype(float), full_matrices=False)
k = 50
G = (U[:, :k] * s[:k]) @ Vt[:k]
G = np.clip(np.rint(G), 0, 255).astype(np.uint8)
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìṣirò yìí ni kí èèyàn pín 800,000 sí 90,050, kó sì sọ pé fáìlì ti kéré ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Píksẹ́lì kan gba báìtì 1, àmọ́ nọ́ńbà inú `U` àti `Vt` ní ẹ̀sún, wọ́n sì ń gba báìtì 8 bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé wọn jáde. Ìpele 50 á wá gba báìtì 720,400, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí a bá sọ wọ́n di `float32`, báìtì 4, á jẹ́ 360,200. Kódà pẹ̀lú ìyẹn, bí ìpele bá ti kọjá 111, fáìlì tuntun ti tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìlà tó ní `clip` ṣe pàtàkì. Àkójọ ìpele lè bí nọ́ńbà bíi 260 tàbí −3. Bí a bá fi ipá tì wọ́n sínú `uint8` láìgé wọn, 260 sábà máa ń di 4, −3 sì máa ń di 253. Bí àmì dúdú bá ń tàn káàkiri ibi tó funfun jù nínú fótò, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Mélòó wá ni ká mú? Ọ̀pọ̀ ń wo ìdá σ², wọ́n á dúró ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn máa ń tanni jẹ. Nítorí pé kò sí píksẹ́lì tó dín sí òdo, ìpele àkọ́kọ́ ló máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ gbogbo fótò náà, ó sì lè kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìdá náà nígbà tí ojú èèyàn inú fótò ṣì dà bí ìkùukùu. Ó sàn kí a kọ́kọ́ yọ ìṣirò àárín gbogbo píksẹ́lì kúrò kí a tó tú u palẹ̀, kí a sì dá a padà lẹ́yìn náà.

Irú àwòrán tún ṣe pàtàkì ju iye ìpele lọ. Àsíá Nàìjíríà, àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ní òró, ìlà kan náà ló ń tún ara rẹ̀ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ya pupa, ewé àti búlúù sọ́tọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe fún fótò aláwọ̀, ìpele kan ṣoṣo ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láìku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fa ìlà funfun tín-ín-rín kan láti igun dé igun lórí àwòrán dúdú tí ìbú àti òró rẹ̀ dọ́gba, gbogbo σ á jẹ́ 255 bákan náà, kò sì ní sí èyí tó fúyẹ́ tí a lè jù nù. Ohun tó dùbúlẹ̀ tàbí tó nàró ni òpó àti ìlà mọ̀ ọ́n gbé, ohun tó dagun máa ń ná wọn ní ìpele púpọ̀. Nínú fótò ilé, ògiri àti fèrèsé á ti hàn ketekete ní ìpele díẹ̀, nígbà tí òrùlé tó dagun ṣì ní òjìji bí àkísà létí.